Nígbà Tí Wọ́n Bá Bú Tíì Rẹ: Àwàdà Ibi Iṣẹ́ ní Ìlú Ọba

Àbúrò mi kan, ọmọ Òṣogbo, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní àríwá England nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí ilẹ̀ ti máa ń ṣú kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti kíyè sí i pé àwọn tó bá ní wọ́ọ̀dù náà kì í dá po tíì. Ẹni tó bá dìde láti po tirẹ̀ á kọ́kọ́ bi gbogbo yàrá léèrè bóyá wọ́n fẹ́ mu, lọ́la ó di tẹlòmíràn. Òun náà dìde lọ́jọ́ kan, ó po ife mẹ́fà, ó bu mílíìkì sí i, ó sì gbé e wá fún wọn. Obìnrin kan tó ti pẹ́ jù níbẹ̀ gbé ife tirẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó wo inú ife náà, ó sì sọ láìrẹ́rìn-ín pé, "Ṣé tíì nìyí, àbí omi tí wọ́n fi nu ilẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kàn dáhùn pé, "Mo ti mu èyí tó burú ju ìyẹn lọ ní yàrá yìí. Ìwọ lo pò ó." Obìnrin náà ní, "Òótọ́ ni," ó sì ń mu tíì rẹ̀ lọ.

Àbúrò mi kò gbọ́ ìdáhùn ọkùnrin yẹn. Ohun tó gbọ́ ni pé àgbà obìnrin kan fi òun wọ́lẹ̀ lójú èèyàn márùn-ún. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà," ó gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà á nù, ó po òmíràn wá, ó sì tún bẹ̀ ẹ́. Gbogbo yàrá dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò po tíì fún ẹnikẹ́ni mọ́, ibi tí wọ́n ń kó aṣọ sí ló ti ń jẹun ọ̀sán rẹ̀. Àwọn yẹn náà kò bá a ṣeré mọ́. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń sọ pé ẹ jọ̀wọ́ àti ẹ ṣeun, wọ́n ń wolẹ̀ bí ó bá wọlé. Nígbà tó pè mí lórí fóònù nínú oṣù kìíní, ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kórìíra mi níbẹ̀." Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gá wọ́ọ̀dù pè é jókòó, tó fara balẹ̀ bi í pé kí ni wọ́n ṣe fún un, nítorí àwọn yòókù ń rò pé kò fẹ́ràn wọn.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń gbé ilẹ̀ yìí, irú ẹkún bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ bọ́ọ̀sì, lẹ́nu ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, lẹ́nu ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. A máa ń kọ́ àwọn tó ń bọ̀ nípa òtútù, nípa owó ilé, nípa ìwé ìgbélùú. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní báńtà kì í sí lára ẹ̀kọ́ náà, bẹ́ẹ̀ òun ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ dúró lé níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi ife tíì yẹn, nítorí gbogbo òfin ọ̀rọ̀ náà ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí obìnrin yẹn bú ni tíì. Kò bú ẹni tó pò ó, kò bú ilé rẹ̀, kò bú àwọ̀ rẹ̀. Ó bú u kí gbogbo èèyàn gbọ́, láìgbé ohùn sókè. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sì dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀, ó gba obìnrin náà gan-an mú, ìyẹn náà sì gbà pé òótọ́ ni. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, eré náà ti parí. Ìpè ni. Ohun tí wọ́n ń sọ fún àlejò ni pé, "A ti ń bú tíì ara wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́, a ti wá bú tìrẹ náà, wá jókòó." Bí àbúrò mi bá ti dáhùn pé, "Omi ìnulẹ̀ ti tán, mo fi èyí tó kù po ti yín," yàrá náà ì bá bú sẹ́rìn-ín, ì bá sì ti di ọmọ ilé lọ́jọ́ yẹn. Kódà bí ó bá rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ní, "Ó dáa, ẹ̀yin lẹ máa pò ó lọ́la," ó ti tó.

Àforíjì tó tọrọ ló da ọ̀rọ̀ rú. Lójú tiwọn, ẹni tí wọ́n bá ṣeré tó wá kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ ti sọ fún wọn pé wọ́n ṣe òun léṣe. Ojú ti obìnrin náà. Gbogbo wọn bá fà sẹ́yìn, kí wọ́n má baà tún ṣẹ ẹni tí àwàdà ń dùn. Ìfàsẹ́yìn yẹn ni àbúrò mi ka sí ìkórìíra. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí èyí dáadáa: ní ibi iṣẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí wọn kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá ni kò tíì di ara wọn. Ọ̀wọ̀ tó pọ̀ jù níbẹ̀ lè jẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n rọra tì.

Kí ló dé tí ọmọ Yorùbá, ọmọ ìran tó ní aláwàdà lójúde gbogbo, ò fi dá àwàdà mọ̀ nígbà tó bá a pàdé? Kì í ṣe pé a kò mọ eré ṣe. Àwọn tó ń gbé Èkó mọ yábíìsì, Fẹlá fi i ṣe orin àti ìwàásù ní Ṣíráìnì rẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú gbọ́ tiwọn nípa owó, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà gbọ́ tiwọn nípa òṣómàáló, wọ́n sì ń fi ẹ̀rín dáhùn. Ṣùgbọ́n ipò ló ń gba àwàdà láyè nílé wa. Ìyàwó ilé lè pe ọmọdé ọdún mẹ́ta ní "ọkọ mi", àbúrò ọkọ lè fi ọbẹ̀ ìyàwó ṣe yẹ̀yẹ́, ẹgbẹ́ lè pe ẹgbẹ́ ní olórí gbandu. Àna kì í bá àna ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, ọmọ kì í sì í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àgbà. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ni a ti mọ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ sí i. Radcliffe-Brown, onímọ̀ àṣà ìran ènìyàn tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé ní 1940 nípa irú ìbátan bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí àṣà ti fún ẹnìkan láyè láti fi ẹnìkejì ṣe ẹlẹ́yà, tí ẹnìkejì kò sì gbọdọ̀ bínú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ìbátan kankan tó fún ọ ní àyè náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń fi àwàdà gan-an wá ibi tí àyè wà. Wọ́n á ju èyí tó kéré jù lọ sí ọ, wọ́n á wo bí o ṣe gbà á. Bí o bá dá a padà, wọ́n á ju èyí tó tóbi díẹ̀. Ẹni tó ń gbé aláìsàn kiri lè sọ fún dókítà àgbà pé ìwé rẹ̀ dà bí ibi tí adìyẹ ti tàn, dókítà náà á sì ní kí ó wá kọ́ òun. Orúkọ àbísọ ni wọ́n sábà fi ń pe ara wọn, nítorí náà ọmọ wa tó bá ń wá ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ gbà á láyè kò ní rí i.

Ojú àti ohùn tún dá kún un. Nílé, àwàdà máa ń polongo ara rẹ̀. Ohùn á lọ sókè, a ó pe orúkọ onítọ̀hún fà gùn, a ó na ọwọ́ kí ó fi ọwọ́ lu tiwa, a ó sì ti máa rẹ́rìn-ín kí a tó sọ ọ́ tán. Tiwọn máa ń fi ara pa mọ́. Ohùn á lọ sílẹ̀, ojú á dúró bí ojú ẹni tó ń ka ìwé òfin. Kate Fox, onímọ̀ àṣà tó kọ ìwé nípa àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, fi í hàn pé èèwọ̀ ńlá wọn ni kí èèyàn ka ara rẹ̀ sí jù. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi í rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara wọn. Bí o bá ń dúró de ẹ̀rín kí o tó mọ̀ pé eré ni, ọkọ̀ á ti kọjá. Ohun tó yẹ kí o máa wò ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi tó. Bí ó bá ti tóbi ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ fíìfíì, bí ẹni pé o pẹ́ ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n ní àwọn ti fẹ́ gbé ìròyìn ikú rẹ sínú ìwé ìròyìn, eré ni. Bí ó bá jẹ́ ìbínú ni, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà kéré ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ. Ọ̀gá tó bá sọ fún ọ jẹ́jẹ́ pé inú òun "kò fi bẹ́ẹ̀ dùn" sí iṣẹ́ rẹ kò ṣeré rárá. Lọ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń jẹ́ ká kọsẹ̀ nítorí inú rere wa. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé góńgó á ní, "Mi ò wúlò rárá, ó yà mí lẹ́nu pé wọn ò tíì lé mi." Ohun tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni àdúrà: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, wọn ò ní lé yín lórúkọ Jésù." Mo ti rí i tí ọkùnrin kan gba irú àdúrà yìí, tó sì dúró bí ẹni tí wọ́n da omi sí lára, tí kò mọ èyí tí yóò ṣe. Òmíràn nínú wa á gbà á bó ṣe sọ ọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á nímọ̀ràn. Ohun tí onítọ̀hún ń retí ni pé kí ìwọ náà mú àṣìṣe tìrẹ kékeré kan wá, kí ẹ jọ rẹ́rìn-ín: "Èmi náà pàdánù kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ yìí." Ìyẹn ló fi hàn pé ẹ wà lórí àkàsọ̀ kan náà. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ẹni tí wọ́n tọ́ pé kì í fi ẹnu ara rẹ̀ gbé èpè sọ́rùn. Mú ohun tí kò ní láárí, má mú ohun tó kan ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ tàbí ìtọ́jú aláìsàn.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ló ń ba mi lẹ́rù jù. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé wọ́n ń ṣeré máa ń rò pé gbogbo ilẹ̀kùn ti ṣí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun tí wọ́n fi ń ṣeré níbẹ̀, tíì, bọ́ọ̀lù, pípẹ́ dé, ìlú tí o ti wá ní England, kì í ṣe àwọn ohun tí àwa fi ń ṣeré nílé. Àwàdà tiwa fẹ́ràn ara èèyàn, ọjọ́ orí, ìgbéyàwó àti ọmọ bíbí. Àwọn ibi tí wọ́n ti fi ọgbà yí ká nìyẹn.

Bàbá kan tí mo mọ̀, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ọmọlúàbí tòótọ́, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Ọmọbìnrin kan, ẹni ọdún méjìlélógún, ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ibẹ̀. Ọmọ náà ń bọ̀wọ̀ fún un, ó sì máa ń bá a gbé kọfí wá. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ìyàwó mi". Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tó ń sọ: ọmọ mi àtàtà ni ọ́, o mọ ìtọ́jú àgbà. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ ọ́, níwájú àwọn ọkùnrin mìíràn. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀kẹta, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dẹ́kun kọfí gbígbé wá, ó sì ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá. Bàbá rò pé nǹkan kan ló ṣe é, ó wá pè é sókè láti òdìkejì yàrá: "Ìyàwó mi, ṣé o ń bá mi jà ni?" Lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ pè é.

Ó sọ fún wọn pé òun kò ní èrò burúkú kankan, òótọ́ ló sì sọ. Ṣùgbọ́n òfin kò dúró sórí èrò nìkan. Òfin Ìdọ́gba ti 2010, tí ó de England, Wales àti Scotland, sọ pé ìwà tí ẹnìkejì kò fẹ́, tó sì tan mọ́ ohun bí ìran, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí, ẹ̀sìn tàbí àbùkù ara, lè di ìyọlẹ́nu bí ó bá ba iyì rẹ̀ jẹ́ tàbí tó sọ ibi iṣẹ́ di ibi ìtìjú fún un. Ohun tí èèyàn pète àti ohun tó tìdí rẹ̀ yọ, ọ̀kan nínú méjèèjì ti tó. Wọ́n á wo bí ó ṣe rí lára ẹni tí wọ́n ṣe é sí, wọ́n á wo gbogbo ohun tó yí i ká, wọ́n á sì bi ara wọn pé ṣé ó bọ́gbọ́n mu kí ó rí bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀. Láti ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2024, òfin tún ti di ẹrù ru àwọn agbanisíṣẹ́ pé kí wọ́n gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ láti dènà ìyọlẹ́nu ìbálòpọ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tètè pe èèyàn báyìí. Wọ́n fún bàbá ní ìwé ìkìlọ̀. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ ju iṣẹ́ lọ, ó sì dùn mí.

Bàbá náà ti rí àmì, kò mọ̀ pé àmì ni. Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà sọ pé, "Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀." Ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ kúrò, lẹ́yìn náà ìdáhùn á kúrú, lẹ́yìn náà onítọ̀hún á yí ọ̀nà padà. Nígbà tí ẹ̀rín bá ti kúrò, jáwọ́. Má tún un sọ sókè kí ó lè yé e. Bí o bá fẹ́ tún un ṣe, lọ bá a jẹ́jẹ́, sọ gbólóhùn kan péré: o rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, o bẹ̀ ẹ́, kò ní wáyé mọ́. Má ṣàlàyé àṣà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"O ti sanra o!" tí a fi ń yin ara wa wà lára ohun tó yẹ ká fi sílẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfúrufú. "Ìgbà wo la máa jẹ ìrẹsì?" àti "Ọmọ kejì ńkọ́?" náà ń bẹ níbẹ̀. Apárí pàápàá, tí ọ̀rẹ́ fi ń pe ọ̀rẹ́ nílé, ti dé iwájú adájọ́: ní 2022, ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kan ní England dájọ́ pé bí wọ́n ṣe fi orí pípá bú ọkùnrin kan níbi iṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá àti ìhàlẹ̀, jẹ́ ìyọlẹ́nu tó tan mọ́ akọ tó jẹ́, nítorí ọkùnrin ni orí ń pá jù. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i ní 2023.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣì í, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ mi sí pé kí a máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sí wa. Àwọn kan ń fi báńtà bo èébú. Azeem Rafiq, agbábọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bí ní Pakistan, jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ní London ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ó sì ṣàlàyé ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ẹgbẹ́ Yorkshire. Ìwádìí tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ ṣe ti ka èébú ìran tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan sọ sí i sí àwàdà ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde síta, alága ẹgbẹ́ fipò sílẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́ sì kó ẹsẹ̀ wọn.

Ọ̀nà tí mo fi ń dá a mọ̀ kò le. Àwàdà tòótọ́ máa ń lọ, ó máa ń bọ̀: ìwọ náà lè bú tíì tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan ni wọ́n ń sọ ọ́ sí, tí ìdáhùn rẹ sì ń bí wọn nínú, kì í ṣe àwàdà. Bó bá jẹ́ orúkọ rẹ, ìró ohùn rẹ, àwọ̀ rẹ tàbí oúnjẹ inú abọ́ rẹ ni, ọjọ́ dé ọjọ́, kì í ṣe àwàdà. Sọ fún onítọ̀hún lẹ́ẹ̀kan, ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀, láìpariwo: "Mi ò fẹ́ kí o máa sọ bẹ́ẹ̀ sí mi." Ẹni tó ń ṣeré á bẹ̀ ọ́, á sì jáwọ́. Bí kò bá jáwọ́, ra ìwé kékeré kan, kọ ọjọ́, àkókò, ọ̀rọ̀ náà gan-an bó ṣe sọ ọ́, àti orúkọ àwọn tó gbọ́. Mú un lọ bá ọ̀gá rẹ tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ. Àjọ ACAS ń gbani nímọ̀ràn lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹjọ́ òṣìṣẹ́ sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àsìkò tí òfin fi sílẹ̀ fún ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò gùn, nítorí náà má ṣe fi ọ̀rọ̀ dọdún.

Ní ti àbúrò mi, lẹ́yìn tí mo ti bá a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ lórí fóònù, ó padà sí yàrá yẹn ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó po ife mẹ́fà, ó gbé ti obìnrin àgbà náà ka iwájú rẹ̀, ó sì ní, "Èyí, omi ìnulẹ̀ tuntun ni mo fi pò ó." Obìnrin náà wò ó lójú fún ìgbà díẹ̀. Ó mu ún. Ó ní, "Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Inú yàrá kan náà ni wọ́n ti jọ ń jẹun ọ̀sán báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí, tí ẹ bá lọ pàdé ọmọ yín tàbí àbúrò yín ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, tí ẹ kó aṣọ òtútù dání fún un, ẹ sọ ọ̀rọ̀ tíì yìí fún un nínú ọkọ̀ kí ẹ tó délé.